Kí ẹ já owó onígbèdéke ni, àbí kí ẹ fi dógò? Ìfiwéra láti inú ìtàn Bísọ́lá

Nígbà tí òṣìṣẹ́ olówó-oṣù bá fẹ́ gbé owó kalẹ̀ sí báńkì fún àkókò kan, iye èlé ló máa ń kọ́kọ́ béèrè. Báńkì kan ń san ìdá 14 nínú 100, òmíràn ń san 15, ó sì gba ọ̀dọ̀ ẹni tó ń san 15 lọ. Ní tèmi, ìbéèrè yẹn kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ohun tó yẹ kí ẹ fi báńkì méjì wéra ni ohun tí wọ́n máa ṣe bí ẹ bá já owó yín, ìyẹn bí ẹ bá padà wá gbà á kí ọjọ́ tó pé. Lórí 600,000 náírà fún ọjọ́ 180, ìyàtọ̀ ìdá kan nínú èlé kò tó 3,000 náírà. Àmọ́ ìyàtọ̀ tó wà láàárín báńkì tó ń fi ìwọ̀nba gba ìtanràn àti èyí tó ń gba gbogbo èlé lè sún mọ́ 20,000.

Mo máa fi ìtàn ọmọbìnrin kan tí mo ń pè ní Bísọ́lá ṣàlàyé rẹ̀. Ìtàn àròsọ ni, iye èlé inú rẹ̀ náà sì jẹ́ èyí tí mo mú fún àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n bí ìṣirò náà ṣe ń lọ nìyẹn ní báńkì.

Ohun tí Bísọ́lá bọwọ́ lù

Ọmọ ọdún 26 ni Bísọ́lá. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń pín oògùn fún àwọn kẹ́míìsì ní Ìbàdàn ló ti ń ṣiṣẹ́. Àjọ ọ́fíìsì kàn án, ó kó o, ó fi èyí tó ti ń tọ́jú díẹ̀díẹ̀ kún un, gbogbo rẹ̀ sì di 600,000 náírà. Kò fẹ́ kí owó náà wà nínú àkáǹtì tí káàdì rẹ̀ lè dé, torí ó mọ̀ pé kò ní pẹ́ tán. Ó lọ sí báńkì rẹ̀ ní Dùgbẹ̀, ó ní òun fẹ́ fi í sí fíìsì dìpọ́síìtì.

Owó onígbèdéke ni fíìsì dìpọ́síìtì. Ẹ gbé owó kalẹ̀, báńkì sọ iye èlé tí wọ́n máa san, ẹ̀yin náà sì gbà pé ẹ kò ní fọwọ́ kàn án títí ọjọ́ tí ẹ jọ dá yóò fi pé. Ní Nàìjíríà, ọjọ́ 30, 60, 90, 180 àti 365 ló wọ́pọ̀. Ọjọ́ 180 ni Bísọ́lá mú, ní èlé ìdá 15 nínú 100 lọ́dún.

Ẹ ṣọ́ ọ̀rọ̀ "lọ́dún" yẹn, nítorí ó máa ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Ìdá 15 lórí 600,000 jẹ́ 90,000, ṣùgbọ́n ti odindi ọdún nìyẹn. Ọjọ́ 180 nínú 365 ni tirẹ̀, nítorí náà èlé rẹ̀ jẹ́ 44,384. Báńkì á tún yọ owó-orí ìjọba, ìdá 10 nínú 100 èlé náà, kí wọ́n tó san án. Ohun tó kù tó máa dé ọwọ́ rẹ̀ ni 39,945 náírà.

Òṣìṣẹ́ báńkì náà wá bi í pé, "Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ gba èlé yín nísinsìnyí ni, àbí kó di ọjọ́ tí owó bá pé?" Ta ni yóò gbọ́ irú ìbéèrè yẹn tí kò ní sọ pé nísinsìnyí? Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, 39,945 ti wọ àkáǹtì rẹ̀. Ó fi ra fíríìjì tòkunbọ̀ kan, ó sì fi ìyókù ránṣẹ́ sílé. Nínú fọ́ọ̀mù tó fọwọ́ sí, gbólóhùn kan wà nísàlẹ̀ pé bí oníbàárà bá gba owó kí gbèdéke tó pé, báńkì yóò gba ìdá 25 nínú 100 èlé tó ti gorí owó náà, yóò sì gba èlé tí wọ́n ti san sílẹ̀ padà. Kò kà á.

Ọjọ́ tí 600,000 di 580,027

Nígbà tó di ọgọ́fà ọjọ́, Bísọ́lá rí yàrá kan àti pálọ̀ ní Àkóbọ̀ tó wù ú. Owó ilé wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n owó àgíríméǹtì àti kọmíṣọ̀n ejẹ́ǹtì kò sí níbẹ̀. 200,000 náírà ló kù, baálé ilé sì ní ẹni tó bá kọ́kọ́ san lòun máa gbé kọ́kọ́rọ́ fún. Ó padà sí báńkì, ó kọ lẹ́tà pé òun fẹ́ já owó òun. Wọn kò bi í ní ìbéèrè kankan. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, alẹ́ẹ̀tì dé sórí fóònù rẹ̀: 580,027.40 náírà.

Ó wọ mọ́tò lọ sí báńkì pẹ̀lú ìbínú. "Ẹ jọ̀ọ́, 600,000 ni mo gbé fún yín. Èlé ni ẹ ní ẹ máa san. Báwo ni owó mi ṣe wá dín ní ogún ẹgbẹ̀rún?"

"Ẹ má bínú, mà," ni òṣìṣẹ́ náà dáhùn. "Ẹ ti gba èlé yín ṣáájú. Èyí tí kò tọ́ sí yín mọ́ nínú rẹ̀ la yọ."

Àlàyé náà kò yé e. Ọ́fíìsì ló ti wá yé e lọ́jọ́ kejì, nígbà tó gbé ìwé náà lọ bá obìnrin àgbà kan tó ń bójú tó ìṣirò owó níbẹ̀, ẹni tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá Ìbejì. Màmá Ìbejì gba ìwé, ó yọ kákúlétọ̀, ó ní, "Jókòó, ọmọ mi. Má wo 600,000 ná. Èlé ọgọ́fà ọjọ́ ni kí á kọ́kọ́ wá."

Èlé ọgọ́fà ọjọ́ lórí owó rẹ̀ jẹ́ 29,589 náírà. Báńkì gba ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ní ìtanràn, ìyẹn 7,397. Ó ku 22,192. Tí wọ́n bá yọ owó-orí kúrò, ó ku 19,973. Iye tó tọ́ sí Bísọ́lá gẹ́gẹ́ bí ẹni tó já owó ní ọgọ́fà ọjọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n 39,945 ló ti gbà látọjọ́ kìn-ín-ní. Àjùlọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ náà jẹ́ 19,973, fíríìjì sì ti gbé e jẹ. Ibo ni báńkì máa ti rí i gbà padà bí kò bá ṣe lára ojú owó? Ìdí nìyẹn tí 600,000 fi di 580,027.

Màmá Ìbejì tún ṣe ohun kan tí mo rò pé gbogbo ẹni tó bá já irú owó yìí gbọ́dọ̀ ṣe. Ó pín 19,973 tí wọ́n gbà padà yẹn sí méjì. Apá kan jẹ́ èlé ọgọ́ta ọjọ́ tó kù tí owó náà kò tíì lò lọ́dọ̀ báńkì: 13,315 náírà lẹ́yìn owó-orí. Èyí kì í ṣe ìjìyà, nítorí kò sẹ́ni tó lè gba èlé ọjọ́ tí owó rẹ̀ kò sí nílẹ̀. Apá kejì, 6,658, ni ìtanràn gan-an. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá báńkì kan le jù, apá kejì yìí ni kí ẹ máa wò.

Èlé àkọ́gbà àti èlé ìparí

Ká ní Bísọ́lá ti sọ pé ó di ìparí kí òun tó gba èlé, 619,973 ni ì bá bá nínú alẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ì bá tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, iye kan náà ni. Tí ẹ bá ro 580,027 pọ̀ mọ́ 39,945 tó ti gbà tẹ́lẹ̀, 619,973 náà ló máa fún yín. Ìtanràn kan náà ni báńkì gbà lọ́nà méjèèjì. Ibi tí wọ́n ti gbà á ló yàtọ̀: ọ̀kan mú un nínú èlé tí kò tíì dé ọwọ́ rẹ̀, èkejì mú un nínú ojú owó.

Ìyàtọ̀ yẹn ṣe pàtàkì fún ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kì í ṣẹ́kù. Ẹni tó bá gba èlé ní àkọ́gbà jàǹfààní kan lóòótọ́, nítorí pé ó lè fi èlé náà ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, kódà ó lè gbé e sí ibòmíràn kó tún bí èlé. Tó bá dá a lójú pé òun kò ní fọwọ́ kan owó náà títí yóò fi pé, àkọ́gbà ló pé e jù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìnáwó òjijì lè bá nígbàkigbà, ẹni tí kò ní owó mìíràn tó lè sá lọ bá, ìparí ni mo máa sọ pé kó mú. Bó bá já owó rẹ̀, ojú owó rẹ̀ á ṣì pé, ètò tó fẹ́ fi 600,000 ṣe kò sì ní dojú rú nítorí 20,000 tó dín.

Bí báńkì kan ṣe ń gba ìtanràn yàtọ̀ sí ti òmíràn

Báńkì Bísọ́lá kì í ṣe èyí tó burú jù. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é kò dọ́gba, ẹnu òṣìṣẹ́ iwájú báńkì kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣeé gbára lé lórí rẹ̀. Inú ìwé àdéhùn ni ẹ ti máa rí i. Ẹ jẹ́ kí á fi owó kan náà, 600,000 fún ọjọ́ 180 ní ìdá 15, wo ọ̀nà mẹ́rin, ká sì sọ pé ẹni náà já a ní ọgọ́fà ọjọ́:

| Ohun tí ìwé àdéhùn sọ | Èlé tó kù fún un lẹ́yìn owó-orí |
|---|---|
| Báńkì gba ìdá 25 nínú 100 èlé tó ti gorí owó | 19,973 |
| Báńkì gba èlé ọgbọ̀n ọjọ́ | 19,973 |
| Báńkì tún èlé ṣírò bíi ti àkáǹtì ìfowópamọ́ lásán, ká ní ìdá 6 | 10,652 |
| Báńkì gba gbogbo èlé | 0 |

Ìlà méjì àkọ́kọ́ bára mu nínú tábìlì yìí nítorí pé ọgbọ̀n ọjọ́ jẹ́ ìdá mẹ́rin ọgọ́fà ọjọ́. Tí ọjọ́ bá yí, wọ́n á yà. Ká ní ọgọ́ta ọjọ́ ló já a, èyí tó gba ìdá 25 máa fi èlé ọjọ́ 45 sílẹ̀ fún un, èyí tó gba ọgbọ̀n ọjọ́ yóò fi ọgbọ̀n péré sílẹ̀. Ká ní ó di ọjọ́ 150, ti àkọ́kọ́ á fi èlé bí ọjọ́ 112 sílẹ̀, ti èkejì á fi 120 sílẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ń fura pé ìnáwó lè dé láìpẹ́ sí ìgbà tí ẹ gbé owó kalẹ̀, èyí tó ń gba ìdá kan nínú èlé ló sàn fún yín. Bó bá jẹ́ ìparí ni ẹ̀rù ń bà yín, èyí tó ń gba iye ọjọ́ pàtó ló sàn. Èyí tó ń gba iye ọjọ́ pàtó ní ewu kan tí ìyókù kò ní: ẹni tó bá já owó rẹ̀ ní ọjọ́ 20 kò tíì ní èlé ọgbọ̀n ọjọ́ tí wọ́n lè gbà, wọ́n sì lè mú ìyókù nínú ojú owó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gba èlé kankan ṣáájú.

Ìlà kẹta ló máa ń tan ènìyàn jẹ jù, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn létí. Wọn kì í pè é ní ìtanràn rárá. Wọ́n á ní, "Èlé yín ò ní sọnù o, a kàn máa san án bíi ti séfíǹsì ni." Ẹ wo tábìlì náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dín ní ìdajì sí èyí tí wọ́n pè ní ìtanràn ní gbangba.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Amẹ́ríkà yóò rí i pé ọ̀nà iye ọjọ́ pàtó ló wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ tiwọn, lórí owó onígbèdéke tí wọ́n ń pè ní CD. Òfin ibẹ̀ tiẹ̀ sọ pé ẹni tó bá gba owó láàárín ọjọ́ mẹ́fà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ pàdánù ó kéré tán èlé ọjọ́ méje. Ní Bìrìtìkó, ọ̀ràn náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀pọ̀ owó onígbèdéke wọn kò ṣeé já rárá títí ọjọ́ yóò fi pé. Èyí tó bá wà nínú ISA, àkáǹtì ìfowópamọ́ tí wọn kì í gba owó-orí lórí èlé rẹ̀, nìkan ni òfin ní kí báńkì jẹ́ kí oníbàárà rí gbà, pẹ̀lú ìtanràn.

Jíjá a, fífi í dógò, tàbí pípín in kí ó tó wọlé

Ibi tí ọ̀rọ̀ Bísọ́lá ti dùn mí jù nìyí. 200,000 ni owó tó ń wá. 600,000 ló já. Ọ̀pọ̀ báńkì ni kì í gbà kí ẹ mú díẹ̀ nínú owó onígbèdéke kí ìyókù máa lọ. Bí ẹ bá fọwọ́ kan igba ẹgbẹ̀rún, ẹ ti fọwọ́ kan gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà tí òṣìṣẹ́ báńkì náà kò dárúkọ, Bísọ́lá náà kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí òun béèrè: ó lè yáwó kí ó sì fi owó onígbèdéke náà dógò. Báńkì á ti ojú owó náà pa kí ẹnikẹ́ni má lè mú un, wọ́n á yá a ní ìwọ̀n kan nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ tí gbèdéke bá pé, wọ́n á yọ ẹ̀yáwó àti èlé rẹ̀ kúrò, wọ́n á sì kó ìyókù fún un. Nítorí pé owó ẹni náà wà lọ́wọ́ wọn, wọn kì í béèrè onígbọ̀wọ́, èlé rẹ̀ sì máa ń dín sí ti ẹ̀yáwó lásán.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Ká ní wọ́n yá a ní 200,000 fún ọgọ́ta ọjọ́ tó kù, ní èlé ìdá 20 nínú 100 lọ́dún. Èlé ọgọ́ta ọjọ́ jẹ́ 6,575. Ká ní wọ́n tún gba ìdá kan nínú 100 fún ìwé, ìyẹn 2,000. Gbogbo ìnáwó rẹ̀ jẹ́ 8,575, owó onígbèdéke rẹ̀ sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ.

Kò yẹ kí ẹ fi 8,575 yìí wé 19,973 tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí ìfiwéra náà kò ní tọ́. Lẹ́yìn tó já owó, tó sì mú 200,000 tó fẹ́, ó ṣì ku 380,027 lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè tún gbé ìyẹn kalẹ̀ fún ọgọ́ta ọjọ́. Owó ọlọ́jọ́ kúkurú kì í sábà gba èlé tó owó ọlọ́jọ́ gígùn, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fún un ní ìdá 12. Èyí á mú nǹkan bí 6,750 wọlé lẹ́yìn owó-orí. Tí ẹ bá yọ ọ́ kúrò nínú 19,973, ohun tí jíjá owó náà ná an ní tòótọ́ jẹ́ nǹkan bí 13,200 náírà. Ẹ̀yáwó ṣì fi bí 4,600 sàn jù ú lọ.

Ẹ̀yáwó kì í ṣe ohun tó máa ń borí nígbà gbogbo o. Nínú àpẹẹrẹ yìí, bí èlé ẹ̀yáwó bá kọjá ìdá 34 lọ́dún, jíjá owó náà ló máa dín wó. Ẹni tó sì nílò gbogbo owó rẹ̀ tán kò lè rí i gbà lọ́nà yìí, nítorí báńkì kì í yá ènìyàn ní odindi ohun tó fi dógò. Ẹ béèrè pẹ̀lú iye ọjọ́ tí ìwé ẹ̀yáwó máa gbà kó tó jáde. Baálé ilé Àkóbọ̀ kò ní dúró de báńkì.

Ọ̀nà kẹta ni mo fẹ́ràn jù, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ bá gbé owó kalẹ̀ nìkan lẹ lè mú un. Ká ní Bísọ́lá ti pín 600,000 sí mẹ́ta, 200,000 lọ́nà mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀, ẹyọ kan péré ni ì bá já. Ohun tí wọ́n ì bá gbà padà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní tó 6,700. Kò ní yáwó, kò ní kọ ìwé púpọ̀, 400,000 tó kù á sì máa bá èlé ìdá 15 rẹ̀ lọ láìsí ẹni tó dà á láàmú.

Owó kékeré lè má rí èlé tó owó ńlá gbà, nítorí náà ẹ bi báńkì léèrè kí ẹ tó pín in. Tí wọ́n bá ní ìdá 14 ni 200,000 máa gbà dípò 15, ẹ máa pàdánù nǹkan bí 2,660 lórí gbogbo owó náà fún ọjọ́ 180, bóyá ẹ já a tàbí ẹ kò já a. Bí ẹ bá wá já ẹyọ kan, àpapọ̀ ìnáwó yín á sún mọ́ 8,900, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ẹ̀yáwó dọ́gba. Bí èlé kò bá yàtọ̀, pípín ló borí. Bó bá fi ju ìdá kan lọ yàtọ̀, ẹ gbé e kalẹ̀ pọ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀yáwó sọ́kàn.

Tó bá jẹ́ pé owó náà lè bá yín ní ìnáwó láìpẹ́

Àwọn kan wà tí kò yẹ kí wọ́n dé ìdí owó onígbèdéke rárá. Àkáǹtì ìfowópamọ́ lásán kò ní ìtanràn fún jíjá owó, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà sì ti pàṣẹ láti oṣù kẹjọ ọdún 2022 pé èlé rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín sí ìdá 30 nínú 100 iye èlé tí òun fúnra rẹ̀ fi lélẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá gba owó jáde níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín oṣù kan lè pàdánù èlé oṣù náà, ìtanràn kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé ó wà.

Ìwé gbèsè ìjọba ọlọ́jọ́ 91, 182 tàbí 364 kò ní ìtanràn nínú ìwé. Bí ẹ bá nílò owó, ẹ ó tà á fún ẹlòmíràn nípasẹ̀ báńkì yín, ní iye tí ọjà bá sọ lọ́jọ́ náà. Bí èlé bá ti gbéra láti ìgbà tí ẹ rà á, iye tí ẹ máa tà á á dín sí bí ẹ ṣe rò, kò sì sẹ́ni tó lè sọ iye rẹ̀ fún yín ṣáájú. Mo gbà pé ìtanràn tí mo ti mọ iye rẹ̀ sàn fún òṣìṣẹ́ olówó-oṣù ju iye ọjà tí mi ò mọ̀ lọ. Ní ti ààbò owó, àjọ NDIC ń dáàbò bo owó oníbàárà títí dé 5,000,000 náírà ní báńkì ńlá kọ̀ọ̀kan láti ọdún 2024, owó onígbèdéke sì wà lára rẹ̀.

Ọjọ́ tí ọjọ́ bá pé

Bísọ́lá san owó àgíríméǹtì, ó kó lọ sí Àkóbọ̀. Ó kó 380,000 padà lọ sí báńkì, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí Màmá Ìbejì bá a kọ ìbéèrè sórí ìwé kí ó tó lọ. Báwo lẹ ṣe ń gba ìtanràn? Ṣé mo lè mú díẹ̀ nínú rẹ̀? Èlò ni èlé ẹ̀yáwó tí mo bá fi í dógò? Ó pín in sí méjì: 180,000 fún ọjọ́ 60, 200,000 fún ọjọ́ 90, èlé ìparí lórí méjèèjì.

Ìbéèrè kan ṣì wà nísàlẹ̀ ìwé tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ka sí, Màmá Ìbejì ló ní kó má gbàgbé rẹ̀: "Kí lẹ máa ṣe sí owó náà lọ́jọ́ tó bá pé?" Ní ọ̀pọ̀ báńkì, bí oníbàárà kò bá sọ nǹkan kan, wọ́n á yí owó náà padà sínú àdéhùn tuntun fún iye ọjọ́ kan náà. Ẹni tó bá dé báńkì ní ọjọ́ 61, tó rò pé owó òun ti pé lánàá, lè bá a pé àdéhùn tuntun ti bẹ̀rẹ̀, àti pé ìtanràn tún ń dúró dè é. Nínú fọ́ọ̀mù náà, àpótí kékeré mẹ́ta ló wà: kí wọ́n yí ojú owó nìkan padà, kí wọ́n yí ojú owó àti èlé padà, tàbí kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú àkáǹtì. Bísọ́lá fa igi sínú ìkẹta fún 180,000, ó fà á sínú àkọ́kọ́ fún 200,000, ó sì kọ ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa pé sínú fóònù rẹ̀, pẹ̀lú ìkìlọ̀ tó máa dún ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú.